Orúkọ fún ọmọ, gbólóhùn fún òbí: bí a ṣe ń sọ ìpápánu ọmọdé lórúkọ

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, mo sì ń ṣe ìpápánu rogodo kéékèèké fún àwọn ọmọ iléẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan, ẹ̀pà lílọ̀ àti dàbínù ni mo fi ń ṣe é, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Inú ààrò ni mo ti ń yan án, n kì í fi òróró dín in. Nínú kílò 10, àgbàdo jẹ́ 5, ẹ̀pà 3, dàbínù 2. Orúkọ méjì ló wà lọ́kàn mi: ‘Ìlera Ọmọ’, pẹ̀lú gbólóhùn ‘Kò ní ṣúgà, ó ń mú ọpọlọ ọmọ jí’, tàbí ‘Kárákárá’, pẹ̀lú ‘Ó dùn bí oyin’. Èmi àti àwọn ìyá ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, àwọn ọmọ wa fẹ́ràn ìkejì. Èwo ni kí n mú?”

Ìyá wa, ẹ má mú ìkankan nínú méjèèjì. Orúkọ tí mo dábàá fún yín ni KÚNDÙN, gbólóhùn tí yóò sì tẹ̀ lé e ni “Àgbàdo, ẹ̀pà, dàbínù: ó tán!” Ọ̀rọ̀ kan wà nípa iyọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ yanjú kí ẹ tó lè lo gbólóhùn yìí, n óò sì dé ibẹ̀. Ohun tí ó ṣe àbá yín méjèèjì ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bá sọ̀rọ̀: orúkọ ń pe ẹni náà, gbólóhùn ìpolówó sì tún ń pe ẹni kan náà. Òbí ni ti àkọ́kọ́ kọjú sí, ọmọ ni ìkejì kọjú sí. Bí a bá pín iṣẹ́ náà, tí orúkọ jẹ́ ti ọmọ, tí gbólóhùn jẹ́ ti òbí, kò ní sí ìdí tí a ó fi mú ọ̀kan kí a pa ìkejì tì.

Ẹ wo bí a ṣe ń ra ìpápánu ọmọdé ní ti gidi. Ní àkókò ìsinmi ní iléẹ̀kọ́, ọmọ nìkan ni ó dúró níwájú olùtajà, owó kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni ó sì fi ń béèrè ohun tí ó fẹ́. Ní ọjọ́ tí ìyá tàbí bàbá bá lọ ra ohun tí àwọn ọmọ yóò kó lọ sí iléẹ̀kọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, òbí ni ó mú ọ̀rá náà lọ́wọ́, tí ó yí i padà, tí ó ń ka ẹ̀yìn rẹ̀. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, ọmọ yóò ti jókòó sílé sọ pé kí wọ́n ra nǹkan báyìí fún òun, nígbà tí kò sí ọ̀rá kankan nítòsí tí ó lè nàka sí. Nítorí náà, ohun tí a ń gbọ́ ni orúkọ, ohun tí a ń kà ni gbólóhùn. Orúkọ gbọ́dọ̀ lè ti ẹnu ọmọ ọdún márùn-ún jáde láìsí àwòrán. Gbólóhùn gbọ́dọ̀ lè dúró lójú ẹni tí ó ti yí ọ̀rá padà tí ó sì ń ṣèwádìí. Orí ìpín yìí ni gbogbo ohun tí n óò sọ dúró lé.

Ilé-iṣẹ́ Ferrero ní ilẹ̀ Ítálì ṣe irú èyí nígbà tí wọ́n gbé ṣokoléètì Kinder jáde ní ọdún 1968. Àwọn ọmọdé ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní èdè Jámánì, kò sì fi ibì kan pọ́n òbí lé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá ni pé mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, kòkó kò pọ̀. Haribo, tí Hans Riegel dá sílẹ̀ ní ìlú Bonn ní ọdún 1920, gba ọ̀nà mìíràn. Ó mú lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ ara rẹ̀, nínú orúkọ ìdílé rẹ̀ àti nínú orúkọ ìlú náà, ó sì rí ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́ta tí ẹnu ọmọdé gbà. Gbólóhùn wọn láti àwọn ọdún 1930 wá ni pé ó ń mú inú àwọn ọmọ dùn. Ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n tó fi kún un pé ó ń mú inú àwọn àgbà náà dùn. Ní ojú tèmi, àfikún Haribo dára létí, ṣùgbọ́n kò fún òbí ní ìdí kankan láti ra á fún ọmọ. Ti Kinder fún ìyá ní ohun kan tí ó lè gbé lé ìwọ̀n. Ó kàn jẹ́ pé gbólóhùn náà dákẹ́ nípa ṣúgà, ìyá tí ó bá sì yí páálí padà yóò bá a níbẹ̀. Tiyín gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí ti Kinder dé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ó ṣe “Ìlera Ọmọ”. Kò sí ọmọ tí í sunkún nítorí ìlera. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ẹ bá fún ní ohun tí a kọ “ọmọ” sí lára yóò rò pé ti àbúrò òun ni, nítorí àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ ni àwọn ọmọ máa ń fẹ́ fara wé. Bí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin bá ti kọ̀ ọ́, àwọn ọmọ kíláàsì kejì kò ní pẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ìṣòro kan sì tún wà tí a kì í rí títí a ó fi rí orúkọ náà lójú ọ̀rá: àwọn atẹ̀wé wa sábà máa ń yọ àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà dànù, “ỌMỌ” yóò sì di “OMO”, èyí tí gbogbo ilé ní Nàìjíríà mọ̀ sí ọṣẹ ìfọṣọ. Òfin lè má rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, nítorí ọṣẹ àti ìpápánu kì í ṣe ẹ̀yà ọjà kan náà, ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ kí òórùn ọṣẹ wá sí ọkàn ẹni tí ó fẹ́ jẹun? Lákòótán, “ìlera” nínú orúkọ ti di ìlérí. NAFDAC kò gbà kí orúkọ tàbí lébẹ̀lì oúnjẹ ṣi oníbàárà lọ́nà, ẹni tí ó bá sì fi ìlera ṣe orúkọ ti pe ìbéèrè wá sórí ara rẹ̀ kí ó tó ta ọ̀rá kan.

“Kárákárá” sàn jù ú lọ ní ti ìró, ó sì yé mi ìdí tí àwọn ọmọ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó dàbí ìró ohun gbígbẹ lẹ́nu. Àmọ́ bí àmì bá kúrò lórí rẹ̀, tí ọmọ sì sọ ọ́ wéréwéré láàárín ariwo ìsinmi, àkàrà ni olùtajà yóò gbọ́. Àwọn ọmọ kékeré mìíràn kì í tètè rí “r” pè dáadáa. “Kálákálá” tàbí “Káyákáyá” ni yóò máa jáde. Gbólóhùn tí ẹ fi tẹ̀ lé e ni ó wá bàjẹ́ jù. Ẹ kò fi oyin sí i, bí ẹ bá sì ya oyin sí ara ọ̀rá, ẹ ti sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ó dùn bí oyin, létí òbí àti létí olùdásílẹ̀ iléẹ̀kọ́ tí ó ń lé ohun dídùn kúrò nínú ọgbà rẹ̀, ẹ̀sùn ni. Kì í ṣe ìyìn.

Nísinsìnyí, “kò ní ṣúgà”. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí ó ń lo dàbínù ti ń ṣubú, tí wọ́n sì rò pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìlànà Codex Alimentarius, tí àjọ FAO àti àjọ WHO jọ gbé kalẹ̀ fún oúnjẹ, sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹ kí a tó lè kọ ọ́ sára oúnjẹ pé a kò fi ṣúgà kún un. Kì í ṣe pé a kò da ṣúgà funfun sí i nìkan. A kò tún gbọdọ̀ fi ohun mìíràn tí ó ní ṣúgà rọ́pò rẹ̀, ìlànà náà sì dárúkọ èso gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Dàbínù lílọ̀ nìyẹn gan-an. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò tiyín: nínú gíráàmù 100 dàbínù gbígbẹ, ṣúgà lé ní 60. Kílò 2 dàbínù nínú kílò 10 yóò mú ṣúgà tí ó lé ní kílò 1.2 wá, èyí tí ó jẹ́ gíráàmù 12 nínú gíráàmù 100 ìpápánu, kí omi tó gbẹ nínú ààrò tí ìṣirò náà yóò tún fi gòkè díẹ̀. Bí ọ̀rá yín bá jẹ́ gíráàmù 30, ọmọ tí ó bá jẹ ẹ́ tán ti jẹ bíi gíráàmù 4 ṣúgà, èyí tí ó tó ṣíbí ìmutíì kan. Èyí kò burú rárá fún ìpápánu ọmọdé, ó sì sàn ju ọ̀pọ̀ bísíkíìtì lọ. Ṣùgbọ́n “kò ní” kọ́ ni. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, tí ó gba gbólóhùn yín gbọ́, lè kó sínú ewu.

“Ó ń mú ọpọlọ ọmọ jí” wúwo ju ti ṣúgà lọ. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Kellogg polówó oúnjẹ àárọ̀ Frosted Mini-Wheats pé ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ fọkàn sí ẹ̀kọ́ tó bí ìdá 20 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún 2009, àjọ ìjọba tí ó ń bójú tó ìṣòwò níbẹ̀ mú wọn lórí rẹ̀, nítorí nínú ìwádìí tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé, ó kàn jẹ́ bí ìdajì àwọn ọmọ náà ni ó tẹ̀ síwájú rárá, ọmọ kan nínú mẹ́sàn-án ni ó sì dé ìwọ̀n tí wọ́n ń polówó. Ilé-iṣẹ́ náà ní owó tí ó fi ṣe ìwádìí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò dúró. Ẹ̀yin kò ṣe ìwádìí kankan. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2022 tí ó gbé àjọ ARCON kalẹ̀ fẹ́ kí ìgbìmọ̀ àjọ náà yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde sí gbangba, àwọn ìpolówó orí ẹ̀rọ ayélujára pẹ̀lú. Gbólóhùn tí ó ní ọpọlọ nínú, ẹ̀rí ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kù. Àdánwò mẹ́rin ni mo ń gbé orúkọ ìpápánu ọmọdé gbà: ṣé ẹnu ọmọ gbà á, kí ni ó di nígbà tí àmì bá kúrò lórí rẹ̀, kí ni àwọn ọmọ yóò gé e kúrú sí, ṣé kò kàn ń sọ irú ohun tí ọjà náà jẹ́. Àdánwò tí ó kẹ́yìn yìí jẹ́ ti òfin. Òfin àmì ọjà wa fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ṣẹ̀dá, tàbí ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ka tààrà sí ìwà tàbí bí ọjà náà ṣe dára tó, nítorí ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣòwò nílò láti fi ṣàpèjúwe ọjà wọn, a kò lè fi ṣe ìní ẹnì kan.

Nítorí pé ìpápánu yín rí rogodo, Róbótó ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ohùn òkè ni a ń fi pe ohun kékeré tí ó rí roboto, ohùn ìsàlẹ̀ ni a ń fi pe ńlá rẹ̀, nítorí náà orúkọ náà bá ìwọ̀n ìpápánu náà mu. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá yóò tilẹ̀ rò pé róbọ́ọ̀tì ni, inú rẹ̀ yóò sì dùn sí i. Ó kùnà níbi ìgékúrú. Àwọn ọmọ kò ní pè é tán. “Róbó” ni wọn yóò máa pè é, róbó sì ti wà lọ́jà látọjọ́ pípẹ́, ẹ̀gúsí ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọmọ yóò béèrè tiyín, wọn yóò gbé ti ẹlòmíràn fún un. Ó sì tún ń sọ bí ọjà náà ṣe rí, èyí tí yóò fún ilé-iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ní ìdí láti kọ̀ ọ́. Bíríbírí ni mo tún gbé yẹ̀ wò, nítorí ohun rogodo a máa yí bírí. Ẹ yọ àmì kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ kà á: ilẹ̀ ṣú biribiri. Mo tilẹ̀ gbìyànjú ọgbọ́n Haribo, mo kó apá kan nínú ẹ̀pà, apá kan nínú dàbínù; PA, DA, NU ni ó jáde, kò sì sí ìyá tí yóò fi owó ra pàdánù fún ọmọ rẹ̀.

Kúndùn gba gbogbo àdánwò náà kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òfin kù díẹ̀ káàtó. Sílébù méjì ni, kò sí “r”, kò sí “gb”, kò sí “ṣ” nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó lè pe “dùndú” lè pè é. Àwọn ìyá ni ó ni ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀: ìyá ni í sọ pé ọmọ òun kúndùn ẹ̀pà, tàbí pé ó kúndùn mọ́ínmọ́ín. Nítorí náà orúkọ ọmọ ni, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ òbí ni ó ti wá, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n. Bí àmì bá kúrò lórí KUNDUN, kò di ọ̀rọ̀ burúkú kan ní Yorùbá. Bí àwọn ọmọ bá sì gé e, yálà Kún ni wọ́n mú tàbí Dùn, kò sí èyí tí yóò dójú tì yín. Ní ti òfin, ọ̀rọ̀ náà ń sọ nípa ẹni tí ó ń jẹun, kò sọ ohun tí ó wà nínú oúnjẹ tàbí bí ó ṣe rí, èyí sì fún agbẹjọ́rò yín ní ohun tí ó lè dúró lé. Síbẹ̀ ẹni tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè sọ pé ìyìn ni. Ẹ fi àwòrán àti irú lẹ́tà tí ó jẹ́ tiyín nìkan kún un nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, yóò ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tà á kọjá ilẹ̀ Yorùbá, ẹ pe orúkọ náà sí etí ẹni tí ó gbọ́ Haúsá dáadáa àti ẹni tí ó gbọ́ Ìgbò dáadáa, kí ẹ sì wo ojú wọn kí wọ́n tó dáhùn.

Gbólóhùn náà, “Àgbàdo, ẹ̀pà, dàbínù: ó tán!”, kò ṣèlérí ohunkóhun nípa ara ọmọ. Ohun tí ó wà nínú ọ̀rá nìkan ni ó kà. Òbí tí ó bá yí ọ̀rá padà yóò rí ohun mẹ́ta kan náà nínú àkọsílẹ̀ èròjà, kò sì ní bá ìkẹrin, èyí tí oníbísíkíìtì tí ó ní ogún orúkọ lẹ́yìn páálí rẹ̀ kò lè sọ. Òbí tí ẹ̀pà jẹ́ èèwọ̀ fún ara ọmọ rẹ̀ yóò ti rí i níwájú ọ̀rá kí ó tó sanwó. Ọmọ náà sì ní ìpín tirẹ̀ nínú gbólóhùn yìí, nítorí ọmọ tí ó jẹun tán a máa na ọwọ́ òfìfo síta, a sì wí pé ó tán. Wọn yóò máa ka ohun mẹ́ta náà lórin, wọn yóò sì fi “ó tán” parí rẹ̀. Bí ẹ bá ní agbára láti ṣe ìpolówó kékeré lórí rédíò, ẹ jẹ́ kí ohùn ìyá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ohùn ọmọ sì dá a lóhùn pẹ̀lú “ó tán”.

Iyọ̀ nìyí wàyí. Iyọ̀ tí ẹ ń fi sí i ni ìkẹrin, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Bí ó bá wà nínú àkọsílẹ̀ èròjà, gbólóhùn iwájú ọ̀rá ti di irọ́, òbí kan yóò sì rí i, yóò ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, yóò pín in kiri. Bí ẹ bá sì fi í pamọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀, ẹ ti rú òfin lébẹ̀lì. Ẹ yan ìwọ̀n kan láìfi iyọ̀ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀pà náà gba iná díẹ̀ sí i kí ẹ tó lọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀pà tí ó yan dáadáa máa ń fún oúnjẹ ní adùn tí iyọ̀ ìbá mú wá. Bí àwọn ọmọ bá jẹ ẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí iyọ̀ dúró nínú rẹ̀, gbólóhùn ni kí ẹ yí padà. Ìṣọ́ra kan náà kan òróró tí ẹ lè fi pa páànù ìyan, àti adùn inú ìgò tí ẹnì kan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kán sí i lọ́jọ́ iwájú: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń pa gbólóhùn náà. Ẹ tún ríi dájú pé èyí tí ó wúwo jù ni ó ṣíwájú, nítorí bí àkọsílẹ̀ èròjà ṣe gbọ́dọ̀ tò nìyẹn. Pẹ̀lú 5, 3 àti 2 yín, àgbàdo, ẹ̀pà, dàbínù ni ètò náà, ó sì bá gbólóhùn mu. Bí ọdún kan bá dé tí àgbàdo wọ́n, tí ẹ fẹ́ dín in kù kí ẹ̀pà pọ̀ jù ú lọ, ẹ rántí pé lébẹ̀lì yóò yí padà.

Ẹ dán orúkọ wò lára àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tí a fún ní nǹkan jẹ yóò dá àgbà lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ni mo fi ń fura sí ìdáhùn tí àwọn ọmọ yín fún yín nípa Kárákárá. Ẹ fún àwọn ọmọ tí kì í ṣe ti ilé yín ní ìpápánu náà, ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n jẹ. Èyí tí ó bá rántí orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí yín, bí ó bá sì ti yí i padà lẹ́nu, ohun tí ó yí i sí ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọjà sí ọ̀dọ̀ olùtajà kan, kí ẹ rán ọmọ sí i pẹ̀lú orúkọ nìkan; bí olùtajà bá bi í pé “kí lo wí?” ní ìgbà méjì, orúkọ náà kò tíì ṣeé gbọ́ nínú ariwo. Ní ti òbí, ẹ gbé ọ̀rá lé wọn lọ́wọ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń dúró nídìí àtẹ, ẹ gbà á padà, kí ẹ sì bi wọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ka ohun mẹ́ta náà, gbólóhùn ti ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá sọ pé “nǹkan aṣaralóore kan ni”, wọn kò kà á. Ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù tàbí kí àwòrán bò ó.

Ìforúkọsílẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi pé àwọn ènìyàn máa ń ṣe é lódì. Ìwé CAC tí ẹ fi dá iṣẹ́ sílẹ̀ kò fún yín ní àṣẹ lórí orúkọ ọjà. Ilé-iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ àmì ọjà ní Àbújá ni ó ni ìyẹn, aṣojú tí wọ́n fọwọ́ sí, tí ó sábà máa ń jẹ́ agbẹjọ́rò, ni yóò sì bá yín wá inú ìwé wọn bóyá ẹnì kan ti ní orúkọ náà tàbí èyí tí ó jọ ọ́. Ẹ ní kí ó wò ó ní ẹ̀yà 30, níbi tí oúnjẹ oníyẹ̀fun wà, àti ní ẹ̀yà 29, níbi tí ẹ̀pà àti èso tí a ti ṣiṣẹ́ lé lórí wà. Bí wọ́n bá gbà á, wọn yóò gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn wọn, ẹni tí ó bá ní àtakò sì ní oṣù méjì láti sọ ọ́. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ wà fún, ọdún 14 ni ìsọdọ̀tun kọ̀ọ̀kan. NAFDAC yóò béèrè ẹ̀rí pé ẹ ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá mú ìpápánu yín lọ bá wọn, nítorí náà àmì ọjà ni ó ń ṣíwájú.

Ẹ má tẹ ọ̀rá aláwọ̀ kankan kí èyí tó parí. Nínú ìtẹ̀wé ọ̀rá onípele púpọ̀, sìlíńdà kan ni wọ́n ń fín fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin ni yóò sì san owó rẹ̀. Bí orúkọ bá yí padà, àwọn sìlíńdà tí orúkọ wà lára wọn di ẹrù lásán. Ọ̀rá funfun tí ó mọ́, pẹ̀lú sítíkà tí a tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fún yín títí ẹ ó fi gba nọ́ńbà NAFDAC. Nígbà tí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ẹ má fi fóònù ka orúkọ náà fún un. Ẹ fi fáìlì tí lẹ́tà rẹ̀ ti di àwòrán ránṣẹ́, kí ẹ̀rọ rẹ̀ má baà lè jẹ àmì orí Ú àti Ù mọ́, ẹ sì gba ẹyọ kan tí a tẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìyókù. Ẹ yan ìwọ̀n tí kò ní iyọ̀ yẹn ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tó fún agbẹjọ́rò lówó kankan, nítorí bí iyọ̀ bá dúró, gbólóhùn mìíràn ni ẹ ó gbé lọ sí Àbújá.